Bí àkọsílẹ̀ gbèsè ṣe ń ré òkun kọjá láti Nàìjíríà sí Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì kan láti Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, ó ti yá owó ní bánkì fi ra ọkọ̀, ó sì san owó náà tán láàárín oṣù mẹ́rìnlélógún láì jẹ́ kí oṣù kan ṣoṣo fò ó. Ó rí iṣẹ́ gbà ní ìlú Houston, ó sì kó lọ. Nígbà tó fẹ́ gba ilé tí yóò máa gbé, ẹni tó ń bójú tó ilé náà ní kó kọ nọ́ńbà SSN rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́sàn-án tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀, kí wọ́n lè fi yẹ ìtàn kírẹ́dìtì rẹ̀ wò. Èsì jáde lójú ẹsẹ̀ pé kò sí nǹkan kan lórúkọ rẹ̀. Ìwé náà kò pè é ní ajẹgbèsè-má-san, kò sì pè é ní ẹni tó máa ń san gbèsè. Ohun tó sọ kò ju pé a kò mọ̀ ọ́n rí lọ. Nítorí èyí, wọ́n ní kó fi owó oṣù méjì sílẹ̀ lórí owó ilé gẹ́gẹ́ bí owó ìdúró, tàbí kó wá onídùúró tí wọ́n mọ̀.

Ìtàn kírẹ́dìtì yàtọ̀ sí iye owó tó wà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta dọ́là ní bánkì lè má ní ìtàn kírẹ́dìtì kankan, kí ẹni tó ń ná káàdì gbèsè lóṣooṣù sì ní èyí tó mọ́ tónítóní. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ẹni tó yáni lówó, iye tó yáni, ọjọ́ tó yẹ ká san án, àti bóyá owó náà dé lásìkò tàbí ó pẹ́. Kì í ṣe àwọn àjèjì nìkan ni kò ní in. Lọ́dún 2015, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ilé owó, tí wọ́n ń pè ní CFPB, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 26 àgbàlagbà ni kò ní àkọsílẹ̀ kankan lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìtàn náà jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà gan-an. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti ọmọ ọdún méjìdínlógún ní Texas kò tíì bẹ̀rẹ̀ níbì kankan, nígbà tí ti nọ́ọ̀sì wa ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Ibi tó wà ni kò sún mọ́ tòsí.

Ibo ló wà, nígbà náà? Ní Nàìjíríà, bánkì tó yá a lówó ọkọ̀ ń fi ìròyìn gbèsè náà ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ fún níwèé àṣẹ láti máa kó irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jọ. Mẹ́ta ni wọ́n: CRC Credit Bureau, FirstCentral Credit Bureau àti CR Services. BVN ni wọ́n fi ń so ìròyìn kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹni tó ni ín. Òfin tó dá lórí iṣẹ́ wọn ni èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò bu ọwọ́ lù nígbà tó ń dele fún ààrẹ ní May 2017. Ní Amẹ́ríkà, mẹ́ta náà ni àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìyẹn Equifax, Experian àti TransUnion. SSN, orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀, òfin tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé ti wà láti 1970. Ìwé tó wà lọ́dọ̀ àwọn ti Èkó kò ní SSN nínú, èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn ti Amẹ́ríkà kò sì ní BVN nínú. Kò sí okùn kan tó so méjèèjì pọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà yìí wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ìwé ẹni yóò máa bá wọn rìn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Equifax tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti èyí tó wà ní Atlanta ń jẹ́ orúkọ kan náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpótí ìwé wọn yàtọ̀. Ẹni tó ti ní àkọsílẹ̀ ogún ọdún lọ́dọ̀ ẹ̀ka ti Lọ́ńdọ̀nù yóò dé Atlanta bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ohun tí wọ́n lè kọ sílẹ̀, ẹni tó lè kà á, iye ọdún tí ọ̀rọ̀ burúkú lè fi wà níbẹ̀, àti ibi tí èèyàn yóò mú ẹjọ́ lọ bí wọ́n bá kọ irọ́ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá da ìwé orílẹ̀-èdè méjì pọ̀, a kò ní mọ òfin tí yóò máa darí rẹ̀.

Pé ẹnubodè kì í fi dandan dá ìtàn yìí dúró, a kò ní láti jìnnà kí a tó rí i. Orílẹ̀-èdè Benin àti Togo wà lára mẹ́jọ tó ń ná owó sẹ́fà kan náà lábẹ́ báńkì àpapọ̀ kan tó wà ní Dakar. Òfin kan náà ni wọ́n ń lò lórí àkójọ ìròyìn gbèsè, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abidjan ló sì gba àṣẹ láti ṣe é fún gbogbo wọn. Nítorí náà, oníṣòwò kan láti Kétu ti ilẹ̀ Benin tó yá owó ní Kutọnu lè kó lọ sí Lomé kí bánkì ibẹ̀ sì rí bó ṣe san án. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá gba Ìdìròkò wọ Èkó, ìrìn tí kò ju wákàtí mélòó kan lọ, ìtàn náà yóò dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní ẹnubodè. Òfin kan, àpótí kan, nọ́ńbà kan: ibi tí mẹ́ta yìí bá ti pé, ìtàn máa ń rìn. Ibi tí wọn kò bá pé, ẹnìkan ní láti wà tí yóò máa gbé e.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà báyìí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nova Credit, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stanford dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn ayánilówó ni wọ́n pè ní Credit Passport. Lọ́dún 2019 ni American Express bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilẹ̀ náà, Nàìjíríà sì wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gba ìwé wọn. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ń béèrè káàdì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yóò kọ àdírẹ́sì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn olùyánilówó yóò wá a lọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ, wọn kò ní rí i. Dípò kí wọ́n lé e dànù, ojú ìwé mìíràn yóò ṣí tí yóò bi í bóyá ó ní ìtàn kírẹ́dìtì ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Yóò mú Nàìjíríà, yóò kọ BVN rẹ̀ àti àdírẹ́sì tó fi sílẹ̀ nílé, yóò sì fọwọ́ sí i pé òun gbà kí wọ́n lọ wò ó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìwé náà ti jáde láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìròyìn gbèsè jọ ní Nàìjíríà, wọ́n ti tún un tò ní ọ̀nà tí ará Amẹ́ríkà ń gbà kà á, ó sì ti dé iwájú olùyánilówó.

Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí yẹn ló gbé gbogbo ètò náà dúró. Ẹni tó ni ìwé ló ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún un lábẹ́ òfin Nàìjíríà, nítorí náà bí ó bá ní kí wọ́n gbé e fún òun ní Houston, kò rú òfin kankan. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìlú méjèèjì kò da àpótí wọn pọ̀. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló rán akọ̀wé sí ilé kí ó lọ ṣe ẹ̀dà wá.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ tó tẹ̀ lé e kò rọrùn tó bó ṣe dùn létí. Ní Nàìjíríà, ìlànà Báńkì Àpapọ̀ máa ń pín gbèsè sí ìsọ̀rí: èyí tó ń lọ dáadáa, èyí tó ti ń yẹ̀, èyí tó ń kọni lóminú, àti èyí tó ti sọnù. Kí gbèsè tó yẹ̀ kúrò ní ìsọ̀rí kìíní, ó sábà máa ń tó àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọn kò ti san án. Ní Amẹ́ríkà, àmì burúkú ti lè wọlé ní ọgbọ̀n ọjọ́ péré, òmíràn tún wọlé ní ọgọ́ta. Ìyẹn ni pé ẹni tí bánkì rẹ̀ nílé kà sí oníbàárà rere, nítorí pé kì í pẹ́ ju oṣù kan ààbọ̀ lọ kó tó san, lè di ẹni tó ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin nígbà tí wọ́n bá ka ọjọ́ rẹ̀ bí ará Amẹ́ríkà ṣe ń kà á.

Ọ̀rọ̀ owó náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì wa bá yá mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà lọ́dún 2021, nígbà tí dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bí náírà 410 lọ́jà ìjọba, gbèsè náà tó dọ́là 5,800 lọ́jọ́ tó gbà á. Ẹni tó bá fi nǹkan bí náírà 1,500, iye tí dọ́là kan ń lọ lọ́dún 2025, pín owó kan náà yóò rí dọ́là 1,600. Ọkọ̀ kan náà ni, iṣẹ́ àṣekára kan náà ló fi san án, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lójú ìwé ti rù. Olùyánilówó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wo àpótí oṣù mẹ́rìnlélógún tí wọ́n kún láìsí èyí tó ṣófo, kò ní jẹ́ kí iye dọ́là tan òun jẹ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀, tí mo sì kà sí kókó ọ̀rọ̀ yìí, ni pé ìwé tí wọ́n gbé wá náà kì í wọ inú àpótí àwọn ti Amẹ́ríkà. Ayánilówó tó béèrè fún un nìkan ló kà á. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fún nọ́ọ̀sì wa ní káàdì tí òté rẹ̀, ìyẹn iye tó pọ̀ jù tó lè ná lórí rẹ̀, tó ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan láì gba owó ìdúró, ó parí síbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ Equifax, Experian àti TransUnion, ọjọ́ tí wọ́n ṣí káàdì yẹn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án Ìbàdàn ṣí ilẹ̀kùn kan fún un, kò sọ ọ́ di àgbà nínú ilé. Bó bá lọ bá ayánilówó kejì tí kò bá Nova Credit ṣiṣẹ́, ẹni tí wọn kò mọ̀ rí náà ni.

Kí máàkì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, tó lè jáde rárá fún un, ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ pé. Máàkì tí àwọn ayánilówó ń lò jù ni ti ilé-iṣẹ́ FICO, tó bẹ̀rẹ̀ láti 300 tó sì parí sí 850. FICO kì í fún ẹnikẹ́ni ní máàkì àfi bí ó bá ní, ó kéré tán, gbèsè kan tó ti pé oṣù mẹ́fà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i, kí ìròyìn kan sì ti wọlé lórí rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà tó gbẹ̀yìn. Bó ti wù kí owó oṣù pọ̀ tó, kò lè ra oṣù mẹ́fà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé BVN nọ́ọ̀sì wa kò mú nǹkan kan jáde, kó sì gba ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà, ìyẹn káàdì tí èèyàn fi owó dúró fún. Ní oṣù March, ó kó 300 dọ́là fún bánkì, bánkì náà sì fún un ní káàdì tí òté rẹ̀ jẹ́ 300 dọ́là. Ìwé ìṣirò káàdì náà máa ń jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìsanwó sì jẹ́ ọjọ́ 13 oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó fi ra oúnjẹ, ó fi wọ bọ́ọ̀sì, ó ná 270 dọ́là kó tó di ọjọ́ 18 oṣù April. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù May, ó san gbogbo rẹ̀ pátá, ó ṣẹ́kù ọjọ́ mẹ́ta kí ọjọ́ ìsanwó tó pé. Kò san èlé kọ́bọ̀. Lójú ti ẹnikẹ́ni tó ti jẹ àjọ rí, kò sí ohun tó burú nínú ohun tó ṣe.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìwé ìṣirò bá jáde ni ọ̀pọ̀ bánkì ń ròyìn gbèsè fún àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta náà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n sanwó. Lọ́jọ́ 18, ó jẹ 270 nínú 300, ìyẹn ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ nìyẹn: ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná káàdì rẹ̀ gbẹ. Iye tí èèyàn jẹ, pàápàá bó ṣe rí sí òté rẹ̀, ló gba ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún máàkì FICO, sísan lásìkò sì gba ìdá márùndínlógójì. Bó bá ti lọ san 250 ní ọjọ́ 16, ogún dọ́là péré ni wọn ì bá ròyìn, èyí tí kò pé ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Owó kan náà ni, ọjọ́ tó san án ló yàtọ̀. Ó ṣe é ní oore pé, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà FICO tí wọ́n ń lò, ti oṣù tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń wò lórí èyí, nítorí náà àṣìṣe oṣù April yóò ti pa rẹ́ nígbà tí máàkì rẹ̀ àkọ́kọ́ bá jáde ní September. Bí ó bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ pẹ́ kó tó sanwó ni kò ní pa rẹ́ kíákíá, nítorí ọdún méje ni òfin gbà kí irú àmì bẹ́ẹ̀ fi wà níbẹ̀.

Ní báyìí, kí ló dé tí BVN rẹ̀ kò fi mú nǹkan kan jáde? Ìdí kìíní ni pé ọ̀pọ̀ gbèsè tí àwa Yorùbá ń jẹ tí a sì ń san, kò sí lára ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn gbèsè ń rí. Alájọ kì í kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń yọ owó láti orí owó oṣù kí ó tó dé ọwọ́ olówó, ìwé ńlá akọ̀wé wọn ló parí sí. Owó ilé tí a ń san lọ́dọọdún kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ti gba alájẹṣẹ́kù lẹ́ẹ̀mẹ́fà tó sì san án lẹ́ẹ̀mẹ́fà lè ní ìwé tó ṣófo bí ọpọ́n òfìfo, nígbà tí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tó yá lórí ápù fóònù lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, tó sì gbàgbé, wà níbẹ̀ gbọnrangandan pẹ̀lú àmì pé kò san án. Èmi ti rí èyí tó jọ ọ́ lójú ara mi: ojúlùmọ̀ kan tó fẹ́ yá owó ilé rí i pé ohun kan ṣoṣo tí ìwé rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ ni gbèsè ápù tí kò tó owó epo ọkọ̀ kan.

Ìdí kejì ni orúkọ, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti ń dí mọ́ wa lọ́wọ́. Obìnrin tó ṣe BVN rẹ̀ lọ́dún 2014 pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, tó wá fi orúkọ ọkọ gba ìwé ìrìnnà, ti di èèyàn méjì lójú kọ̀mpútà. Ní bánkì wọ́n kọ orúkọ ìdílé síwájú, lórí ìwé ìrìnnà ó wà lẹ́yìn. Ẹni tó ń jẹ́ Olúwaṣeun nílé ìwé ń jẹ́ Ṣeun ní bánkì àkọ́kọ́ tó lò. Nígbà tó bá wá dé Amẹ́ríkà, níbi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè orúkọ àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìdílé, orúkọ mẹ́rin tí wọ́n tò sórí ìwé ìrìnnà yóò di ohun tí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan gé síbi tó wù ú. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni ìwé kírẹ́dìtì tó là sí méjì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, tí káàdì wà nínú ọ̀kan tí owó ọkọ̀ sì wà nínú èkejì. Bí èèyàn ṣe ń mọ̀ ni pé yóò gba ìwé ara rẹ̀ ní AnnualCreditReport.com, tí kì í gba owó, yóò rí i pé gbèsè kan tó ń san dáadáa kò sí níbẹ̀, tàbí pé orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò pé. Orúkọ tó wà lórí káàdì SSN ni kó mú bí òdiwọ̀n, kó sì máa kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo.

Nítorí èyí, ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni ilé, kí èèyàn tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ gba ìwé yín lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ nínú mẹ́ta tó wà ní Nàìjíríà, nítorí bánkì kan lè máa ròyìn fún méjì kó má ròyìn fún ẹ̀kẹta, ẹ kò sì lè mọ èyí tí wọn yóò lọ bá lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Ẹ wo àwọn gbèsè tí ẹ ti san tán bóyá wọ́n ti tì wọ́n. Ó wọ́pọ̀ kí ó máa fi hàn pé owó ọkọ̀ tí èèyàn ti san tán ní 2023 ṣì wà ní ṣíṣí, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan tí èlé ìparí fi sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Bánkì tó yáni ló ní láti tún ìròyìn náà ṣe, ilé-iṣẹ́ ìròyìn kò lè dá a yí padà. Ẹ gba lẹ́tà pé gbèsè ti tán, kí ọjọ́ àti nọ́ńbà àkáǹtì wà nínú rẹ̀. Èyí rọrùn láti ṣe bí èèyàn bá lè rìn dé bánkì náà ní Dùgbẹ̀. Láti Houston, pẹ̀lú wákàtí mẹ́fà tàbí méje láàárín ìlú méjèèjì àti nọ́ńbà tẹlifóònù tí wọn kì í gbé, ó lè gba oṣù mẹ́ta.

Ní ti owó ilé, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti sọ ohun tí a mọ̀ nílé di nǹkan tó lè wọ ìwé. Orúkọ rẹ̀ ni Esusu, àṣìṣe kọ́, èsúsú wa náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Wẹ̀mímọ́ Abbey, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Èkó, àti Samir Goel tí òbí rẹ̀ wá láti Íńdíà ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Wọ́n ń bá àwọn onílé ńláńlá ṣe àdéhùn, kí owó ilé tí ayálégbé bá san lásìkò lóṣooṣù máa dé ọ̀dọ̀ Equifax, Experian àti TransUnion. Fún nọ́ọ̀sì wa, ìyẹn jẹ́ gbèsè kejì tó ń ròyìn ara rẹ̀ láì jẹ́ pé ó yá owó tuntun. Òté rẹ̀ ni pé onílé ló ní láti wọ ètò náà, àti pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà FICO tí àwọn ayánilówó ń lò ló ń ka owó ilé sí. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ kì í wò ó rárá.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń kó lọ, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester ni wọ́n ń lọ, nítorí náà mo fi ìyàtọ̀ kan ṣoṣo kún un. Ní Bìrìtìkó, kò sí nọ́ńbà kan tó dà bí SSN tí wọ́n fi ń so ìwé kírẹ́dìtì pọ̀. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ni wọ́n gbójú lé, ibi tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò láti mọ̀ pé èèyàn ń gbé ní àdírẹ́sì náà ni ìwé orúkọ àwọn olùdìbò. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀, kò ní láti di ọmọ ilẹ̀ náà kó tó ṣe é, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Yorùbá tó wá láti Pọ̀bẹ̀ tàbí Kétu, tó ní ìwé ìrìnnà Benin, kò ní àǹfààní yẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ń gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì, mẹ́ta, tí máàkì wọn kò gbéra, torí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìbò kò kan àlejò.

Ó ku gbèsè tí èèyàn sá fi sílẹ̀. Kì í fò wọ ìwé Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, bí ìtàn rere kò ṣe ń fò wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá jẹ bánkì ní Ìbàdàn tó sì lọ béèrè káàdì ní Houston láì dárúkọ Nàìjíríà, wọn kò ní rí i. Ṣùgbọ́n bó bá fọwọ́ sí i kí wọ́n lọ wo ti ilé, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò gbé wá, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, nítorí kò sí àyè láti ṣa oṣù mẹ́rìnlélógún owó ọkọ̀ kí èèyàn fi ti ápù sílẹ̀. Nílé ẹ̀wẹ̀, láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti gba bánkì tó yáni lówó láyè láti máa yọ owó rẹ̀ láti inú àkáǹtì yòówù tí BVN ajẹgbèsè bá so mọ́, ní bánkì yòówù kó jẹ́. Dọ́là tí nọ́ọ̀sì kan fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ara rẹ̀ nílé pé kí wọ́n fi ra síméńtì lè pòórá kí bíríkìlà tó rí i.

Ọ̀nà tó padà sílé náà kò yàtọ̀. Bí nọ́ọ̀sì wa bá ti ní 780 ní Houston lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, tó wá fẹ́ yá owó kọ́lé ní Ìbàdàn, 780 yẹn kò ní í hàn lójú kọ̀mpútà bánkì ibẹ̀. BVN rẹ̀ ni wọn yóò béèrè, owó ọkọ̀ tó san tán kó tó lọ ni wọn yóò sì bá níbẹ̀. Àwọn tó kúrò nílé kí BVN tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 kò tiẹ̀ ní ìyẹn, wọ́n sì máa ń ní láti wálé tàbí lọ sí ọ́fíìsì díẹ̀ kan lókè òkun kí wọ́n tó lè tẹ ìka. Láti May 2025 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ṣí ètò tí ẹni tó wà lẹ́yìn odi fi lè gba BVN lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láì wálé. Ó fún wọn ní àpótí. Ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, gẹ́gẹ́ bí ti Houston.